Iléeṣẹ́ ejẹ́ǹtì tó bá mi gba kọ̀ǹténà ìkòkò jáde ní Àpápá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n fi ìṣirò owó bodè ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Oníbàárà kan wà níwájú mi nínú ìsọ̀ ní Balógun, a ṣì ń nájà lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, mo ní kó máa bọ̀ lọ́la, mo ti ìsọ̀ pa, mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì wọn. Inú ń bí mi débi pé n kò rántí gba ṣéńjì mi lọ́wọ́ kọndọ́.

Kọ̀ǹténà kan ni ẹrù mi, ìkòkò irin tí kì í dípata, láti èbúté Níńgbò ní Ṣáínà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá fún owó bodè. Mo mọ̀ pé irú ọjà yìí, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ ni ìjọba ń gbà, mo sì ti ya owó yẹn sọ́tọ̀ kí n tó sanwó fún ẹni tó tà á fún mi. Dọ́là 21,600 ni mo san, owó ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá fi dọ́là tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ga ju èyí tí mo ṣe sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà níwájú kò tilẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní, "Màmá, bí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Mo ní kó fi ibi tí iye yẹn ti jáde hàn mí. Ó wo ojú kọ̀ǹputà, ó wo fóònù rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé ẹ mọ̀ pé a lè tún ínfọ́ìsì yìí kọ? Ẹ jẹ́ ká ní dọ́là 9,000 péré lẹ san. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é." Ká má purọ́, mo rò ó. Ìbínú tó wà lára mi lọ́jọ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kí n ní kó ṣe é.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti jáde láti yàrá inú. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn ló ń bójú tó ìwé ẹrù níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin yẹn dìde fún mi lórí àga. Wọ́n wá kó gbogbo ìwé mi jáde, wọ́n tẹ́ méjì síwájú mi: ínfọ́ìsì tí ẹni tó ta ọjà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, àti Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí a fi ń forúkọ ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè òkun sílẹ̀, èyí tí ọ́fíìsì yìí bá mi kọ gba ti bánkì. Wọ́n mú bírò pupa, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan lókè ínfọ́ìsì: CFR APAPA. Wọ́n ní, "Ìyá Oníkòkò, kí lẹ rí níbí?" Mo ní mo rí i, àmọ́ n kò mọ̀ pé ó já mọ́ nǹkan kan.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Tí ínfọ́ìsì bá ní FOB, iye ọjà nìkan nìyẹn, títí dé ìgbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ní Níńgbò. Tó bá jẹ́ CFR, owó ọkọ̀ títí dé Àpápá ti wà nínú rẹ̀. Àyè FOB wà lórí Fọ́ọ̀mù M, àyè owó ọkọ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin wọn mú 21,600 mi, ó kọ ọ́ sí àyè FOB. Ó tún rí i nísàlẹ̀ ínfọ́ìsì pé owó ọkọ̀ jẹ́ 3,400, ó kọ ìyẹn náà sí àyè tirẹ̀. Bí ọjà mi ṣe di 25,000 nìyẹn. Bánkì gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà fọwọ́ sí i láì wò ó dáadáa.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú mi sẹ́yìn páálí kan. 21,600, yọ 3,400 kúrò, ó ku 18,200: FOB mi gan-an nìyẹn. Wọ́n dá owó ọkọ̀ padà sí i, wọ́n fi 100 kún un fún ìbánigbófò, ó jẹ́ 21,700. Orí iye yìí ló yẹ kí owó bodè ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí 25,100. Owó bodè lórí 3,400 tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì nìkan jẹ́ 680. Lórí 680 yẹn, àfikún ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún wà. Owó ECOWAS wà, fáàtì ìdá méje àbọ̀ sì tún ń bọ̀ lórí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún kan dọ́là mi ti ń lọ. Mo di ìwé páálí yẹn mú, mo ṣì ní in nílé.

Mo wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ 9,000. Wọ́n wo ọmọkùnrin yẹn tìtì kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní iye tí a san fún ọjà lóòótọ́ ni òfin ní ká kọ. Ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ ti wà ní bánkì, ìwé tí bánkì mi fi sanwó náà sì wà, 21,600 ló wà lára méjèèjì. Kọ́sítọ́ọ̀mù tún ní iye tí àwọn mìíràn kọ fún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Tí tèmi bá kéré jù, wọ́n lè kọ̀ láti gba ínfọ́ìsì mi, kí wọ́n fi iye tiwọn ṣe é, kí wọ́n sì ní kí n wá san èyí tó kù pẹ̀lú owó ìtanràn. "Ìwọ̀nyí tí ẹ ní lọ́wọ́ yìí ló máa gbà yín," ni wọ́n wí. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá ní kí n gba ínfọ́ìsì tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ta ọjà, èyí tó ya FOB, owó ọkọ̀ àti àpapọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì bá ìwé ìsanwó bánkì mu. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá fi í ránṣẹ́ sí bánkì kí wọ́n tún Fọ́ọ̀mù M ṣe. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ṣe é kí PAAR, ìwé ìdíyelé tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣe, tó jáde, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé, ìnira rẹ̀ á sì pọ̀ tó bá ti jáde tán.

Ṣùgbọ́n bánkì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ dé, a ò tíì rí PAAR gbà, ọjọ́ ọ̀fẹ́ tán, dẹ́múréèjì, owó ìdádúró kọ̀ǹténà, wọlé. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦310,000 pẹ̀lú owó ààyè inú èbúté. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́ náà pé ọmọ yín ló kọ ọ́ lódì, wọ́n ní èmi ni mo fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù M. Òótọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Mo sanwó fún wọn kí wọ́n lè kọ ọ́ bó ṣe tọ́, òótọ́ nìyẹn náà. Wọn kò dá kọ́bọ̀ padà, wọn kò tilẹ̀ ní ẹ má bínú. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹrù jáde ní pípé. Kò sí ìkòkò kan tó tẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè mí padà fún owó kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Kọ̀ǹténà mi kejì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo ti mú ínfọ́ìsì rẹ̀ lọ fún Bàbá kí n tó san owó kankan, FOB àti owó ọkọ̀ sì wà lórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.