Sítetímẹ́ǹtì wọ́lẹ́ẹ̀tì mi kò bá ìwé rìsíìtì mi mu

Aṣọ ni mò ń rán ní Bódìjà, n'Ìbàdàn níbí. Inú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ń sanwó sí. Nígbà tí mo fẹ́ yá owó maṣíìnì tuntun lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé owó ń wọlé fún mi. Mo ṣí áàpù náà, mo yan ọjọ́ tí mo fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sí, mo fi ímeèlì mi sí i. Kò pẹ́ tí sítetímẹ́ǹtì fi dé. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Àmọ́ bí bàbá akọ̀wé ti wò ó, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé gbogbo èyí lẹ pa lóṣù kan?” Ohun tí wọ́n kọ sí oṣù kẹta ni pé ₦1,284,600 ló wọlé. Èmi náà mọ̀ pé n kò pa tó bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó tì í lálẹ́ pẹ̀lú bírò. Ìfowópamọ́ tí áàpù ń ṣe fúnra rẹ̀ ló dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Bí owó bá wọlé, á gbé e síbi tó ti ń gba èlé. Bí mo bá fẹ́ ná an, á gbé e padà, á sì tún kọ ọ́ bí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Irú èyí nìkan jẹ́ ₦412,000. Mo tún yọ ₦150,000 tí mo fi ránṣẹ́ sí ara mi láti báńkì, ₦200,000 àjọ tí mo kó, àti ₦18,500 trànsífà tí kò lọ tí wọ́n dá padà. Ó ku ₦504,100.

Mo wá ka ẹ̀dà rìsíìtì mi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦561,100, ṣùgbọ́n wọ́n san ₦63,000 nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ni pé trànsífà jẹ́ ₦498,100. Ìyàtọ̀ ₦6,000 yẹn fẹ́ẹ̀ gba oorun lójú mi. Aṣọ kan tí mo tún ṣe fún ẹnìkan ni, n kò já rìsíìtì fún un. Orúkọ náà tún ń dani láàmú: ìyàwó ló ni aṣọ, ọkọ ló sanwó. Iye owó àti ọjọ́ ni mo fi so wọ́n pọ̀, mo sì kọ nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà trànsífà sára rìsíìtì kọ̀ọ̀kan.

N kò fọwọ́ kan sítetímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ o. Ìwé ọ̀tọ̀ ni mo fi ṣe ìṣirò, mo sì kó méjèèjì lọ. Bàbá akọ̀wé gbà á, wọ́n ní kí n tún yọ owó òwú, síìpù àti epo jẹnẹrétọ̀, nítorí ₦504,100 jẹ́ owó iṣẹ́, kì í ṣe èrè.

Mo ti pa ìfowópamọ́ yẹn. Báyìí, bí oníbàárà bá fẹ́ sanwó, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà rìsíìtì sí àyè ọ̀rọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń sanwó.