Ṣáàtì méjì fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru

Oríṣi ṣáàtì méjì ni mo ti lò láti kọ omi tó ń wọ ara ọmọ àti èyí tó ń jáde ní wọ́ọ̀dù ọmọdé n'Ìbàdàn. Èkíní ní òpó méjì péré, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, a ó sì ro ó pọ̀ nígbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ fún ara wa ní aago 2. Èkejì ní ìlà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, àti òpó kan ní ìparí fún àṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ oníkílò 10. Láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀, ó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà mílílítà 200. Pámpásì gbígbẹ wọn gíráàmù 30. Méjì tó dọ̀tí wọn 190 àti 170. Yọ 30 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku 160 àti 140. Gíráàmù 1 la kà sí mílílítà 1, nítorí náà 300 ló jáde. Ó tún bì 50. Àṣẹ́kù ti di −150.

Lórí ṣáàtì èkejì, nọ́ọ̀sì rí i ní aago 10, ó ké sí dókítà. Lórí èkíní, ó di aago 2. Mo tilẹ̀ ti rí ibi tí wọ́n kọ "ó ṣu lẹ́ẹ̀mejì" sí, láìsí ìwọ̀n, tí ìyá ọmọ sì ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, omi lásán ni o!"

Èkíní yá láti kọ lóòótọ́, àmọ́ èkejì ni mo fọwọ́ sí fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ le. Ẹ fi òpó àpapọ̀ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ sí i, torí wọ́n máa ń dàpọ̀ nínú pámpásì. Ẹ sì kọ ìwọ̀n ọmọ nígbà tó dé sókè ìwé: àṣẹ́kù òdo kò ka omi tó ti sọnù nílé.