Ìwé Ìtàn Iṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà: Iṣẹ́ Òòjọ́ Tàbí Ìwọ̀n Ẹrù Iṣẹ́?

Ká sọ pé ọ̀gá àgbà kan ní ilé-iṣẹ́ ohun mímu l'Ékòó ń wá ipò olùdarí àgbà. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé: «Mò ń bójú tó ìpèsè, mò ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn alábòójútó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà.» Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n alábòójútó tó ń darí òṣìṣẹ́ 12 péré lè kọ ọ́ bákan náà, ìgbìmọ̀ olùdarí kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Àkọsílẹ̀ kejì kà báyìí: «Mo ṣètò ìnáwó ọdọọdún tó tó bílíọ̀nù 4 náírà, mo sì darí òṣìṣẹ́ 320 nípasẹ̀ máníjà mẹ́fà, láàárín ọdún 2021 sí 2023, páálí tí a ń tà fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i.» Èyí ni mo fara mọ́. «Nípasẹ̀ máníjà mẹ́fà» fi hàn pé àwọn tó jẹ́ aṣáájú fúnra wọn ni ọ̀gá yìí ń darí, «mo ṣètò» sì yàtọ̀ sí kéèyàn kàn máa ná owó tí ẹlòmíràn pín.

Ẹ kíyè sí i pé iye páálí ló kọ, kì í ṣe iye owó tó wọlé. Náírà já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ọjà sì gbówó lórí, nítorí náà owó lè pọ̀ sí i nígbà tí ọjà tí wọ́n tà ń dín kù, ẹni tó mọ ìṣirò yóò sì béèrè. Bí iye ìnáwó bá jẹ́ àṣírí ilé-iṣẹ́, kí ó kọ ìdá rẹ̀ nínú gbogbo ìnáwó.