Midway, 1942: títú kóòdù ọ̀tá tàbí bàálù alámí?

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Rochefort, ọ̀gá àwọn tó ń tú kóòdù fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii, fura pé Midway, erékùṣù Amẹ́ríkà kan ní òkun Pàsífíìkì, ni “AF” inú iṣẹ́ tí Japan ń fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí Midway kéde lórí rédíò, láìlo kóòdù, pé ẹ̀rọ omi mímu ibẹ̀ ti bàjẹ́. Kò pẹ́ tí Japan fi ròyìn pé omi ti wọ́n ní “AF”. Ọgbọ́n yìí kò náni lówó púpọ̀, ó sì jẹ́ kí Nimitz, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Pàsífíìkì, lúgọ dè wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ti pààrọ̀ kóòdù, bí Japan ti ṣe kí ìjà Midway tó bẹ̀rẹ̀, etí di nìyẹn. Bàálù ń jó epo, ó sì ń fi ẹ̀mí awakọ̀ wewu, síbẹ̀ òun ló fojú rí ọkọ̀ ogun Japan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà. Kóòdù wúlò jù fún ẹni tó ṣì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti múra. Bàálù, fún ẹni tí ọ̀tá ti dé tòsí.