Bátìrì lítíọ́ọ̀mù fóòtì 12.8 tí mo rà ní Kàbbà: bátìrì dára, ọ̀rọ̀ orí káńtà ni kò dára

Gbólóhùn kan ló mú mi kọ èyí. Ọmọkùnrin tó ń dúró ní orí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù sólà tí mo ti ra bátìrì yìí sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo sanwó: "Mọ̀mí, 12.8 ni wọ́n kọ sí i lára. Bí mítà yín bá ti ń fi 12.8 hàn, ó ti kún nìyẹn." Irọ́ ni, ó sì ba iṣẹ́ odidi alẹ́ kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìlú Ìyàrá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, mo wo mítà, 12.8 ló wà níbẹ̀, mo sì gba iṣẹ́ kíláàsì mìíràn kún un nítorí ohun tí wọ́n sọ fún mi. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi kú lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kò ṣe bàìbàì, ẹ̀rọ kò fà lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú bátìrì olómi tí mo lò tẹ́lẹ̀. Ó kàn kú ni, bébà sì há sínú ẹ̀rọ.

Ní òwúrọ̀ mo gbé bátìrì náà wọ ọkọ̀ lọ sí Kàbbà. Oòrùn ti fi díẹ̀ sínú rẹ̀ kí n tó tú u. Ọmọkùnrin yẹn fi mítà tirẹ̀ kàn án, ó rí 13.1, ó sì gbé mítà náà sókè kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lè rí i. "Ó tilẹ̀ ju 12.8 lọ. Bátìrì yín kò ní àrùn, ínfátà yín ni ẹ lọ pààrọ̀." Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀gá kò sí nílé. Mo ní kó gbé iná lé bátìrì náà kó wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà tí wọ́n ti tà. Ó tún ti ń nawọ́ sí ínfátà mìíràn lórí pẹpẹ, ó ń sọ iye rẹ̀ fún mi, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jó wáyà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù jáde wá.

Ọmọ yìí kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n má bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Mà, ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ rí 12.8 yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èyí tó kù nínú rẹ̀ nígbà náà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ." Láti ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ó fi ṣájà tí wọ́n ṣe fún irú bátìrì yìí kún un títí fóòtì rẹ̀ fi dé 14.6. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n so tẹ̀ léra, 3.65 sì ni ààlà ìkún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe yọ ṣájà, fóòtì náà rọra ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dúró síbi 13.4. Àyà mi já, mo rò pé ó ń jò. Ó ní kò jò, pé 14.6 jẹ́ agbára tí ṣájà fi ń ti iná wọlé, àti pé bí ìtì náà bá ti dáwọ́ dúró, bátìrì á padà sí ibi ìsinmi rẹ̀. Ohun tó wà láàárín 14.6 àti 13.4 kò tó nǹkan kan tí èèyàn lè lò.

Lẹ́yìn náà ló so gílóòbù iwájú mọ́tò mẹ́rin mọ́ ọn, tí gbogbo wọn ń fa bí 20 áńpù. Bátìrì 100 áńpù-wákàtí ni, nítorí náà ó yẹ kó gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ó fún mi ní ìwé àti bírò. Lójú ẹsẹ̀ tó tan gílóòbù, 13.2. Lẹ́yìn wákàtí kan, 13.1. Wákàtí kejì, 13.0. Wákàtí kẹta, 12.9. Wákàtí kẹrin, 12.7. Ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ìyẹn, 12.4. Láti ibẹ̀ ló ti já wálẹ̀ bí ẹni gun òkè pẹrẹsẹ tó wá dé etí ọ̀gbun: 12, 11.5, 11, kí pátákó ààbò inú rẹ̀ tó gé iná nígbà tó kù díẹ̀ kó pé wákàtí márùn-ún. Bátìrì náà pé pérépéré. Gbogbo wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ kò jẹ ju ìdajì fóòtì kan lọ.

Mo wá bi í léèrè ohun tí 12.8 ń wá lára bátìrì nígbà náà. Ó ní iye àárín ni. Bí a bá ṣírò gbogbo iṣẹ́ tí bátìrì ṣe láti kíkún dé òfìfo ní wáàtì-wákàtí, tí a pín in sí áńpù-wákàtí tó jáde, ohun tí a máa rí kò ní jìnnà sí 12.8. Ìdí nìyẹn tí 1280 wáàtì-wákàtí fi wà lára rẹ̀: 12.8 lọ́nà 100. Mo tún wo ìwé mi, mo rí i pé òótọ́ ni, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí mo kọ wà ní àyíká ibẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń ṣírò ni, kì í ṣe àmì ìkún. Bí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́ tó sì wà lórí iye yẹn, púpọ̀ ti lọ nínú rẹ̀.

Ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi sọ̀ bíi ti fóònù. Sẹ́ẹ̀lì fóònù tí wọ́n kọ 3.7 sí máa ń kún ní 4.2, ó sì máa ń dagun wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù rẹ̀ ń yí padà bí lítíọ́ọ̀mù ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ti èmi jẹ́ LiFePO4, irú lítíọ́ọ̀mù tó ní irin àti fọ́sífétì nínú. Nínú tirẹ̀, oríṣi ohun méjì ló wà pọ̀, èyí tí lítíọ́ọ̀mù kún àti èyí tí kò ní. Bí a ṣe ń lò ó, ìkan ń fẹ̀, èkejì ń dín, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan kò yí padà, fóòtì wọn náà kò sì yí padà títí èyí tí kò ní yóò fi tán. Nígbà tó bá tán ni ó ń já.

Ìdí nìyẹn tí àmì ìkún orí ínfátà mi, tí wọ́n ṣètò fún bátìrì olómi, fi ń sọ pé ó kún di ìṣẹ́jú tó kú. Ọ̀dọ́bìnrin náà so mítà tó ń ka áńpù tó wọlé àti èyí tó jáde mọ́ wáyà nẹ́gétíìfù, ó yí ètò ínfátà sí ti lítíọ́ọ̀mù, ó sì ní kí n máa kún un dé 14.6 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí mítà náà lè bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti ibi tó tọ́. Owó mítà nìkan ló gbà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ mi kò tíì kú sí mi lọ́wọ́ ní òjijì, mo sì fẹ́ràn bátìrì yìí ju gbogbo èyí tí mo ti lò rí.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ti ọ̀dọ́bìnrin náà nìkan ni ìràwọ̀ méjèèjì, èmi ì bá fún un ní márùn-ún bí ṣọ́ọ̀bù náà bá jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jà tó kọjá, ọmọkùnrin orí káńtà ṣì ń fi mítà han oníbàárà mìíràn, ó ń sọ fún un pé 12.8 ni ìkún.