Hẹ́ẹ̀dìfóònù Bulútúùtù Mi Lórí Windows: Bí Mo Ṣe Gba Ohùn Rẹ̀ Padà Nígbà Ìpè

Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé, orí Zoom ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní Yorùbá. Hẹ́ẹ̀dìfóònù Bulútúùtù tí mo ń lò dára gan-an fún orin: ìlù ń dún ketekete nínú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í sì í tètè tán. Àmọ́ bí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí lórí láàpútọ́ọ̀pù Windows 10 mi, gbogbo adùn yẹn á pòórá. Ohùn á fún pọ̀, mi ò sì ní í lè mọ̀ bóyá "s" ni ọmọ pè tàbí "ṣ". Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́ ọmọ sọ́nà nígbà náà? Ohùn tèmi náà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Ìyá ọmọ kan sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ó dà bíi pé inú agolo lẹ ti ń sọ̀rọ̀."

Hẹ́ẹ̀dìfóònù náà kò bàjẹ́. Ọ̀nà méjì ni Bulútúùtù tó wọ́pọ̀ fi ń gbé ohùn. A2DP ni ti orin: sitẹríò ni, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ohùn ń ti inú láàpútọ́ọ̀pù lọ sí etí nìkan ni, kò sí àyè fún máìkì. HFP ni ti ìpè: ó ń gbé ohùn lọ, ó sì ń gbé e bọ̀, àmọ́ kì í ṣe sitẹríò mọ́. Ní HFP àtijọ́, 8 kilohẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí náà ohun tó bá dún ga ju ìdajì rẹ̀, ìyẹn 4 kilohẹ́ẹ̀tì, lọ kò ní í dé etí ẹni. Òkè ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìró "s" wà. HFP tuntun tó ń lo 16 kilohẹ́ẹ̀tì sàn jù ú, àmọ́ kò tíì tó ti orin.

Máìkì ló ń fa gbogbo rẹ̀. Bí áàpù èyíkéyìí bá ti ṣí máìkì hẹ́ẹ̀dìfóònù, Windows á kúrò lórí A2DP, á bọ́ sórí HFP. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo máìkì láàpútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Lórí Zoom, mo tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mute. Lábẹ́ "Select a Microphone" mo mú "Microphone Array". Lábẹ́ "Select a Speaker" mo mú orúkọ hẹ́ẹ̀dìfóònù tí "Stereo" wà lára rẹ̀, mi ò mú èyí tó ní "Hands-Free AG Audio". Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn ọmọ ṣí. Ní Windows 11, orúkọ kan ṣoṣo lẹ máa rí fún hẹ́ẹ̀dìfóònù náà, nítorí náà máìkì tí ẹ bá yàn ló ń pinnu ohun tí ẹ máa gbọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn tún bàjẹ́ nígbà tí mo ń gbọ́ orin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìpè kankan. Mo ṣí Settings, mo wọ Privacy, mo tẹ Microphone, mo sì rí "Currently in use" lábẹ́ áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Mo pa á, orin sì padà sípò. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín.

Nígbà tí ó sú mi pé àwọn áàpù kan ń yan máìkì fúnra wọn, mo ti ilẹ̀kùn náà pa. Nínú Control Panel, mo wọ Devices and Printers, mo fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ hẹ́ẹ̀dìfóònù, mo yan Properties, mo wọ Services, mo sì yọ àmì kúrò níwájú "Handsfree Telephony". Láti ìgbà náà, Windows kò rí máìkì hẹ́ẹ̀dìfóònù mi mọ́ rárá. Bí ẹ bá yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù kúrò tí ẹ tún so ó pọ̀, àmì náà lè padà, ẹ tún un yọ.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé máìkì láàpútọ́ọ̀pù ń gbọ́ gbogbo ayé. Bí iná bá lọ, tí àwọn aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ á máa gbọ́ ọ. Mo ra máìkì USB kékeré kan, mo gbé e sún mọ́ ẹnu, ariwo náà sì dínkù púpọ̀. Fún ẹni tó bá ń rìn káàkiri nígbà ìpè, ọ̀nà yìí kò ní í bá a lára mu. Kí onítọ̀hún fara mọ́ HFP.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, kí ó bèèrè LE Audio, ọ̀nà tuntun tí Bulútúùtù fi ń gbé ohùn. Ìyẹn lè gbé ohùn tó já gaara pẹ̀lú máìkì pọ̀, ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù, Windows 11 orí rẹ̀ àti hẹ́ẹ̀dìfóònù gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ wo Settings, Bluetooth & devices, Devices: bí ẹ kò bá rí "Use LE Audio when available" níbẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù yín kò tíì gbà á.