Ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ aláṣẹ ìlú: bí mo ṣe rí i

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mo fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 15, tó sì gùn ní mítà 30. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òǹtẹ̀ lásán ni àwọn aláṣẹ ìlú ń lù sórí pílánù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá fún mi.

Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ilé. Nínú máàpù ìlú, àdúgbò ilé gbígbé ni ibẹ̀, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní láti kọ̀wé lọ́tọ̀. Ìyẹn kò kàn mí. Ìṣirò gan-an ló gba àkókò. Òfin àdúgbò náà ní kí á fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 lẹ́yìn, àti mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí iná má sì tètè ran ilé kejì. Bí a bá yọ gbogbo ìyẹn, ó ku mítà 9 ní fífẹ̀ àti 21 ní gígùn, èyí tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 189. Ayàwòrán ilé wa lò ó tán pátá.

Ni wọ́n bá dá pílánù padà. Òfin mìíràn wà tó ní ilé kò gbọdọ̀ bo ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ lọ, kí omi òjò lè rí ilẹ̀ wọ̀. Ilẹ̀ wa jẹ́ 450, ìdá 40 rẹ̀ sì jẹ́ 180. A gé mítà kan kúrò lẹ́yìn ilé, ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ibi tí wọ́n ti wú mi lórí jù ni àyẹ̀wò kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwọn bíríkìlà ti ta okùn, wọ́n sì wọn mítà 3 láti ara fẹ́ǹsì. Òṣìṣẹ́ tó wá kò tilẹ̀ wo fẹ́ǹsì. Ó ní kí wọ́n fi òkúta ààlà tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀ han òun. Ibẹ̀ la ti rí i pé fẹ́ǹsì tí a bá níbẹ̀ ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ká ní a gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí okùn wà, mítà 2.6 péré ni ògiri wa ìbá fi jìnnà sí ààlà. Okùn ni a sún lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ògiri dúró ni, wíwó ni.

Ohun tí mo bínú sí ni pé ẹ̀ka tó ń rí sí gọ́tà àti ẹ̀ka panápaná kò jọ sọ̀rọ̀. Àkíyèsí àwọn kan dé, a tún pílánù yà, kí ti èkejì tó dé. Owó ayàwòrán di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹ̀ka tó máa wo pílánù yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀, kí ẹ má sì yí ohunkóhun padà títí èsì gbogbo wọn yóò fi pé.